Ìdajì Àmàlà Tó Kù Nínú Abọ́: Nígbà Tí Ọpọlọ Bá Pa Apá Òsì Tì

Ọjọ́ kẹfà tí Dádì wà ní ọsibítù ni Mọ́mì bú sẹ́kún nítorí abọ́ àmàlà. Ilé la ti gbé e lọ, ewédú àti gbẹ̀gìrì ló wà lórí ẹ̀. Dádì jẹ ẹ́, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní, "Ṣé bó ṣe mọ nìyí? Ebi ṣì ń pa mí o." Mo wo inú abọ́. Apá ọ̀tún ti mọ́ kedere. Apá òsì ṣì wà bí a ṣe bù ú, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn yí abọ́ náà po. Ni Dádì bá rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀n-ẹ́n, ibo lẹ gbé èyí pamọ́ sí látàárọ̀?" Wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Kì í ṣe àmàlà gan-an ló pa Mọ́mì lẹ́kún. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga tó wà lápá òsì bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń kí Dádì, tí Dádì kì í wojú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí àbúrò Dádì bá wọlé, tó dúró lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín á sì sọ. Wọ́n ti jà díẹ̀ lọ́sẹ̀ tí àìsàn náà dé, torí náà Mọ́mì gbà pé Dádì ṣì ń bínú sí àwọn.

Dókítà tó ń tọ́jú Dádì, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé àga yín bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bàbá." Mọ́mì gbé e. Dádì wò wọ́n, ojú wọn sì là: "Ìyá Bọ́lá! Ìgbà wo lo dé?"

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú orí Dádì?

Rọpárọsẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní sitirókù, ló mú wọn. Ẹ̀jẹ̀ dídì dí ọ̀kan lára àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún ọpọlọ. Ibi tó bà jẹ́ jù ni ibi tó wà lókè etí, tó lọ sẹ́yìn díẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní páráyẹ́tà. Lára iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti mọ ibi tí nǹkan wà yí wa ká, àti láti mú wa kọbi ara sí èyí tó yẹ nínú wọn. Tí ibẹ̀ bá bà jẹ́ lápá ọ̀tún, èèyàn lè máa gbé ayé bí ẹni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ òsì. Mo máa pè é ní ìpatì apá òsì.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ òsì ló sábà máa ń sọnù. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń ṣe rèé: ẹ ka ọpọlọ sí ọgbà tó ní ọlọ́dẹ méjì. Ọlọ́dẹ tó wà ní ọpọlọ òsì, ọ̀tún nìkan ló ń ṣọ́. Èyí tó wà ní ọpọlọ ọ̀tún ń ṣọ́ òsì, ó sì tún ń ṣọ́ ọ̀tún. Tí ọlọ́dẹ òsì bá ṣàìsàn, èkejì á bá a dí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́dẹ ọ̀tún bá lọ, kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ òsì mọ́.

Ojú Dádì kò fọ́ o. Ẹ̀rí tó yé mi jù lórí èyí wá láti ìlú Mílàn ní Ítálì. Lọ́dún 1978, Edoardo Bisiach àti Claudio Luzzatti kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tó ní irú ìṣòro yìí, tí wọ́n sì mọ gbàgede ńlá tó wà níwájú kàtídírà Mílàn bí ẹni mowó. Wọ́n ní kí wọ́n fojú inú wò ó pé àwọn dúró ní òdìkejì gbàgede náà, àwọn kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n wá dárúkọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n dárúkọ. Wọ́n tún ní kí wọ́n fojú inú wò ó pé àwọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kẹ̀yìn sí i. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí wọ́n fò lẹ́ẹ̀kan, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìyẹn bọ́ sí wàyí. Kò sí ohun tí wọ́n ń fi ojú wò níbẹ̀ rárá, inú ọkàn ni gbogbo ẹ̀ wà. Ìmọ̀ nípa àwọn ilé náà wà níbẹ̀. Wọn ò kàn lè yí ọkàn sí apá òsì ni.

Pépà kan, bírò kan

Mo rò pé ẹ̀rọ ńlá kan ni wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Pépà ni dókítà mú jáde. Ó gbé Dádì jókòó dáadáa, ó fi gíláàsì wọn sí wọn lójú, ó gbé pépà náà síwájú àyà wọn gan-an, ó sì dì í mú kí Dádì má bàa fà á. Tí aláìsàn bá fa pépà lọ sí ọ̀tún, ohun tó wà lápá òsì pépà ti kó sọ́tùn-ún nìyẹn, ìdánwò sì ti bà jẹ́.

Àkọ́kọ́, ó fa ìlà gbọọrọ kan tó gùn tó sẹ̀ntímítà 20, ó ní kí Dádì fi àmì sí àárín rẹ̀. Ẹ rántí pé télọ̀ ni Dádì, ojú lásán ni wọ́n fi ń pín aṣọ sí méjì. Sẹ̀ntímítà 10 ló yẹ kó jẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi mìlímítà díẹ̀ ṣì í. Nígbà tí dókítà fi rúlà wọn ti Dádì láti apá òsì, sẹ̀ntímítà 14 ni. Wọ́n ti pín ìlà tí wọ́n rí sí méjì, èyí tí wọn ò rí kò sí nínú ìṣirò wọn.

Ìkejì, ó mú pépà kan tí ìràwọ̀ ńlá, ìràwọ̀ kéékèèké, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ fọ́n ká sórí rẹ̀. Ìràwọ̀ kéékèèké nìkan ni kí èèyàn fagi lé. 56 ni wọ́n. Dókítà fagi lé méjì tó wà láàárín láti fi hàn wọ́n, ó ku 54, ìyẹn 27 lọ́tùn-ún, 27 lósì. Ibi tí Dádì ti bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Àwa tá à ń kàwé láti òsì sọ́tùn-ún, òkè lápá òsì la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìpẹ̀kun ọ̀tún ni Dádì ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń padà sórí àwọn tí wọ́n ti fagi lé, lẹ́yìn náà wọ́n gbé bírò kalẹ̀: "Mo ti ṣe é tán." 24 ni wọ́n rí lọ́tùn-ún, 5 péré lósì. Ẹni tó bá rí 51 tàbí tó dín sí i yẹ ní àyẹ̀wò sí i, àmọ́ dókítà ní ibi tí àwọn tó fò wà ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ. Tí èyí tó fò bá fọ́n ká sí ọ̀tún àti òsì, ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ tàbí pé oorun ń kùn ún.

Ìkẹta kò gba pépà. Dókítà dúró níwájú Dádì, ó ní kí wọ́n máa wo imú òun, ó wá na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mi ìka lápá ọ̀tún Dádì, Dádì ní "ọ̀tún". Ó mi ti òsì nìkan. Dádì dúró díẹ̀, wọ́n ní "òsì". Inú mi dùn. Ó wá mi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dádì ní "ọ̀tún". Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, láìtò ó bákan náà kí Dádì má bàa méfò, gbogbo ìgbà tí méjèèjì bá jọ mì, "ọ̀tún" nìkan ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí yìí díẹ̀. Dádì rí ìka òsì nígbà tó dá wà. Ìgbà tí ìka ọ̀tún yọjú ni ti òsì pòórá. Ọ̀tún àti òsì ń du àkíyèsí ọpọlọ mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀tún ló sì ń borí. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó bá mi ọwọ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí wàhálà.

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé apá òsì ojú ló fọ́, torí rọpárọsẹ̀ lè fa ìyẹn náà. Ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí apá òsì kò ní rí ìka òsì kódà tó bá dá wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, á máa yí orí láti wá ohun tó kù. Tí wọ́n bá ní kó pín ìlà sí méjì, apá òsì tí kò rí gan-an ló sábà máa ń tẹ̀ sí. Dádì kì í yí orí. Lójú tiwọn, kò sí ohun tó sọnù. Ó tún kìlọ̀ pé aláìsàn kan lè ní méjèèjì pa pọ̀.

Oṣù kẹta

Ìpatì yìí máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ àti oṣù àkọ́kọ́, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lára àwọn mìíràn. Nílé, a lẹ téèpù pupa mọ́ etí òsì tábìlì oúnjẹ. Ẹni tó ń bá wọn ṣe físíò ní kí Dádì má jẹun tán láìjẹ́ pé ojú wọn ti kan téèpù náà. Omi àti fóònù wọn, ọ̀tún la gbé e sí, kí ọwọ́ wọn lè tètè tó o.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, a padà lọ. Dádì pín ìlà náà sí méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Ìràwọ̀ 53. Ọwọ́ òsì wọn náà ti ń lágbára. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà wọn lápò, wọ́n ní, "Dókítà, mo ti yè. Mo fẹ́ máa gùn ún lọ ṣọ́ọ̀bù."

Dókítà kò dáhùn, ó kàn na ọwọ́ méjèèjì. Òsì nìkan: "òsì". Ọ̀tún nìkan: "ọ̀tún". Méjèèjì: "ọ̀tún". Ó wá yíjú sí Mọ́mì, ó bi wọ́n nípa ìgbé ayé ilé. Mọ́mì ní èjìká òsì Dádì ṣì ń gbá ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣì ń fá irùngbọ̀n ku apá òsì tó bá ń kán wọn lójú.

Ìràwọ̀ kì í sáré, yàrá dókítà sì dákẹ́. Èèyàn lè rọra wá òsì níbẹ̀ kó sì rí i. Lójú títì, kò sí ìgbà tí nǹkan kì í ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀tún: oníbúrẹ́dì, ọmọ iléèwé, kòtò. Dánfó tó ń bọ̀ láti òsì á wá dà bí ìka òsì yẹn. Dókítà ṣàlàyé é bẹ́ẹ̀ fún Dádì, ó sì ní òun ò lè gbà kí wọ́n gun ọ̀kadà títí òun á fi tún yẹ̀ wọ́n wò. Dádì bínú. Wọ́n ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Àmọ́ wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Tí rọpárọsẹ̀ bá mú ẹni yín, tó ń jẹ oúnjẹ ku ìdajì, tí kì í dá ẹni tó wà lósì lóhùn, ẹ yí abọ́ náà po kí ẹ wo ohun tó máa ṣe, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà. Tí dókítà bá mi ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mi méjèèjì.

Mọ́mì ti padà sí ọwọ́ òsì báyìí. Físíò ló ní kí wọ́n máa jókòó síbẹ̀, kí Dádì lè máa wá wọn. Nígbà míì ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí Dádì tó yí ọrùn. Mọ́mì kì í bínú mọ́, wọ́n á kàn fọwọ́ kàn wọ́n ní èjìká òsì.