Ìgò Mẹ́sàn-án Lórí Tábìlì Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ni a ó pe ọmọbìnrin inú ìtàn yìí. Ọmọ ọdún 24 ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ákírà ní Gánà. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti gbòde lórí fóònù fún ìtọ́jú ojú, á rà á. Ìgò mẹ́sàn-án ló tò sórí tábìlì. Láràárọ̀, á fi ṣúgà ha ojú. Lálẹ́, á fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, á sì fi ìpara mẹ́ta lé e.

Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, omi lásán ń ta á lójú. Iwájú orí rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á, síbẹ̀ ó ń fà le bí awọ ìlù, irorẹ́ wẹ́wẹ́ sì bò ó. Ó ní ìpara òun ni kò tíì tó, ó bá ra ìkẹwàá.

Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ bá obìnrin apòògùn kan ládùúgbò.

"Àbúrò, ìwọ lo ń ha á," ni obìnrin náà wí. "Awọ òkè pátápátá ló ń dá omi dúró sínú ara. O ti ha á dànù, o tún wá ń da ohun kíkan sí i." Ó mú ìgò kan tí kò ní àkọlé. "Láti ìgbà wo lo ti ń lo eléyìí?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, mà."

"Ó dáa. Ká ní ó ti tó oṣù mélòó kan ni, ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ni mi ò bá ní kí o lọ. Bí sítẹ́rọ́ọ̀dù bá wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, téèyàn jáwọ́ lójijì, ojú lè wú kó sì pọ́n."

Ohun mẹ́ta péré ló kù. Láàárọ̀, omi lásán; lálẹ́, ọṣẹ ojú tí kò le. Bí ojú bá ṣì tutù, ìpara kan tí kò ní lọ́fínńdà. Kó tó jáde, ìpara oòrùn tí nọ́ńbà rẹ̀ tó 30, nítorí oòrùn máa ń mú kí àpá irorẹ́ dúdú sí i lára àwa adúláwọ̀ náà.

Ìyá béèrè pé ọṣẹ dúdú ńkọ́. (Alata samina ni wọ́n ń pè é ní Gánà, ọ̀pọ̀ gbà pé "aláta" tiwa ló wà nínú orúkọ yẹn.) Apòògùn ní ara ni kó fi í wẹ̀, ó le jù fún ojú tó ti bó. Òrí náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún iwájú orí tó ń yọ irorẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ló nira jù. Ojú rẹ̀ ṣá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yún un láti ha á. Lọ́sẹ̀ kejì, omi kò ta á mọ́. Awọ òkè máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, ìgbà yẹn náà ni irorẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àpá dúdú kò tíì lọ. Oṣù mélòó kan ni tìyẹn máa ń gbà.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé ìpara ata ilẹ̀ pupa wá fún un, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde. Àbẹ̀kẹ́ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá. Lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ ń yún un. Ó fọ̀ ọ́ kúrò, ó sì lọ sùn.