Ìdí tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí láàbù kọ fi máa ń yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ọwọ́

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá àwọn àgbàlagbà tí dókítà ti ní kí wọ́n máa ṣọ́ ṣúgà ara wọn. Wọ́n á ní àwọn gún ìka nílé láàárọ̀, ẹ̀rọ kọ 142. Àwọn dé láàbù láàárọ̀ ọjọ́ náà, láàbù kọ 121. Èwo ni kí àwọn gbà gbọ́? Àwọn kan á ti sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, wọ́n á sì lọ ra òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà méjì yìí ṣe àpẹẹrẹ. mg/dL ni àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀rọ tiyín bá ń kọ nọ́ńbà kékeré bíi 7.9, mmol/L nìyẹn. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, 142 kan náà lẹ máa rí.

Kò sí ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n ṣe pé kó bá láàbù dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ìlànà ISO 15197 ti ọdún 2013 fún un láyè: bí ṣúgà bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Fún 121, àyè náà kò kọjá nǹkan bíi 139. Ó wá dà bíi pé ẹ̀rọ tó kọ 142 ti jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a kò tíì béèrè ohun tí ojú ẹ̀jẹ̀ náà rí ní láàbù.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sínú ìgò kékeré kò tíì kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ lára èèyàn, kò sì sí oúnjẹ tó ń wọlé mọ́. Nínú yàrá tí kò tutù, nǹkan bí ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ ní wákàtí kan, ooru sì ń mú un yá sí i. Ká ní 137 ni ṣúgà náà gan-an nígbà tí wọ́n fà á, tí ìgò sì dúró fún wákàtí méjì, bóyá nítorí pé iná kò sí tàbí pé wọ́n ń dúró de ìgò àwọn ẹlòmíràn. Wákàtí àkọ́kọ́, ó ti di nǹkan bí 129. Wákàtí kejì, 121. Bí 137 bá sì ni òdodo, 142 tí ẹ̀rọ kọ kò ṣẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. 126 ni ààlà tí àwọn dókítà fi ń mọ àtọ̀gbẹ lára ẹni tí kò tíì jẹun. Ẹni tó ní 137 tí wọ́n kọ 121 fún lè padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú, kó máa gbé àrùn kiri.

Ìgò tó ní ìdérí eérú, tí wọ́n fi fúlóráìdì sí, wà fún iṣẹ́ yìí. Ó ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ kì í dá jíjẹ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó múlẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ náà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí omi rẹ̀ ya kúrò lára sẹ́ẹ̀lì pupa, tàbí kí wọ́n gbé e sínú omi yìnyín títí di ìgbà náà. Kò burú láti fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa yí i?"

Oúnjẹ náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ tó dé ìka ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ṣúgà bọ̀ ni. Kó tó gba inú iṣan ìgbọ̀nwọ́ padà, ẹran ara ti mú tirẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni ìka ṣe máa ń ga ju apá lọ ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí èèyàn kò bá jẹun. Ẹ má sì jẹ́ kí ààwẹ̀ Ramadan tàn yín jẹ o: ẹni tó jẹ sààrì ní agogo márùn-ún, tó lọ sí láàbù ní agogo mẹ́wàá, kò tíì pé wákàtí mẹ́jọ tí wọ́n ń béèrè.

Ọwọ́ pàápàá lè parọ́. Ṣúgà ọsàn tàbí ti èso dàbínù tó kù lórí ìka máa ń wọ inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ ọn. Òwú tí wọ́n fi sípíríìtì sí nìkan kì í mú un kúrò tán. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ, nítorí omi àlùwàlá tó kù lórí ìka lè bu omi la ẹ̀jẹ̀ náà kí nọ́ńbà wálẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọwọ́ máa ń ka ṣúgà rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ó sọ fún dókítà.

Ẹni tó bá fẹ́ dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò, kó gbé e lọ sí láàbù láì jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, kó gún ìka láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ apá, kí wọ́n sì yí tapá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká ní ẹni wa yìí ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kọ 139, láàbù kọ 131. Mẹ́jọ péré ló wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ náà dára. Kó má ṣe fi ìyẹn yí oògùn ara rẹ̀ padà. Kó mú 131 náà lọ bá dókítà, ẹni tó máa ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn kó tó pe orúkọ àrùn kankan.