Àpò Omi Ọgọ́rin fún Ọjọ́ Ìdíje: Bí Ilé Ìwé Ṣe Ń Tọrọ Ìgbọ̀wọ́ Lọ́wọ́ Oníṣòwò Àdúgbò

Tí táàmù kejì bá ti wọlé, tí àwọn ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í múra fún ìdíje eré ìdárayá láàrin ilé pupa, ilé búlúù, ilé ewé àti ilé yẹ́lò, ìwé ẹ̀bẹ̀ a máa dé ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò àdúgbò. Oníbúrẹ́dì á gbà á, onítẹ̀wé á gbà á, ẹni tó ń fi kánópì háyà náà á gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà ló jọra: ìkíni gígùn, ìtàn ilé ìwé látọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, lẹ́yìn náà gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pé kí wọ́n fi ohunkóhun tí agbára wọn bá gbé ran àwọn ọmọ lọ́wọ́.

“Ohunkóhun” yẹn ló ń ba ìwé náà jẹ́. Ó di dandan kí oníṣòwò jókòó ro iye tí kò ní dójú tì í láàrin àwọn òbí, tí kò sì ní pa òwò rẹ̀ lára. Níbi tó ti ń rò ó lọ́wọ́, oníbàárà á wọlé, ìwé á bọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ọjọ́ ìdíje á sì kọjá.

Ká ní ilé ìwé girama kan ní ọmọ 600, tó sì ń retí òbí àti àlejò 200. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mu ọ̀rá omi méjì nínú oòrùn oṣù Kejì, ọ̀rá 1,600 ni wọ́n nílò. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò pọ́ọ̀wọ́tà kan, àpò 80 nìyẹn. Tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe pọ́ọ̀wọ́tà bá wà ládùúgbò, omi ni kí ilé ìwé tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ dípò owó. Ohun tí iléeṣẹ́ náà ná sórí àpò omi kan kò tó iye tí ilé ìwé máa fi rà á lọ́jà, nítorí náà ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti yọ̀ǹda rẹ̀. Bákan náà ni kí wọ́n bẹ onítẹ̀wé pé kó tẹ nọ́ńbà sẹ́yìn aṣọ àwọn tó máa sáré, kí wọ́n sì bẹ onílé kánópì pé kó yá wọn ní mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn orúkọ ẹni tó ni iléeṣẹ́ omi náà, ìwé ọ̀hún lè lọ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìdíje eré ìdárayá ilé ìwé wa máa wáyé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kejì. A ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi àpò omi 80 ràn wá lọ́wọ́, kó dé pápá wa ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ náà. Nǹkan bí èèyàn 800 ló máa wà níbẹ̀. A ó gbé bánà iléeṣẹ́ yín kọ́ síbi tí a ti ń pín omi, a ó dárúkọ yín lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, omi yín nìkan la ó sì pín. Bí 80 bá pọ̀ jù, 40 náà á ṣe wá láǹfààní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lésì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kìíní.”

Ọ̀gá ilé ìwé á fọwọ́ sí i, wọ́n á lu òǹtẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà fóònù sí i. Ó parí.

Nọ́ńbà 40 yẹn ṣe pàtàkì. Ó fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká 80 láyè láti ṣe ìdajì, síbẹ̀ kò dá a padà sí “ohunkóhun”. Gbèdéke tí wọ́n dá náà fún ilé ìwé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti wá ìyókù níbòmíràn. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ oníṣòwò ní kété tí táàmù bá wọlé, ó sì dáa kí òbí kan tí onítọ̀hún mọ̀ bá olùkọ́ mú un lọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, kí wọ́n pè é lórí fóònù.

Ibi tí ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìlérí. Ilé ìwé tó bá sọ fún iléeṣẹ́ kan pé omi rẹ̀ nìkan làwọn máa pín kò gbọdọ̀ gba ti iléeṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ ti gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo ara ọ̀rá bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, torí pé ọmọ ọlọ́mọ ló máa mu ún. Bó bá jẹ́ owó lẹnìkan fẹ́ fún wọn, àkáǹtì ilé ìwé ni kó sanwó sí, kì í ṣe ti olùkọ́, kí wọ́n sì já rìsíìtì fún un. Ti iléeṣẹ́ sìgá kò tilẹ̀ yẹ kó wáyé rárá: òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tọdún 2015 lórí tábà ti ka irú ìgbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Láàrin ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdíje, ilé ìwé á fi ìwé ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí oníomi náà, pẹ̀lú fọ́tò bánà rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń gba omi. Wọ́n á kọ iye àpò tí wọ́n lò àti iye tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú fáìlì, kí ẹni tó máa kọ ìwé tọdún tó ń bọ̀ lè mọ iye tó yẹ kó tọrọ.