Nọ́ńbà Tí Kò Dúró Lójú Kan

Nínú àpótí tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìyẹ, nǹkan bíi dígírì 37.5 ni ooru gbọ́dọ̀ wà. Bó bá lé ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì pẹ́, ọmọ inú ẹyin á kú. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kan àpótí yìí fúnra wọn fi máa ń so LM35, ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń wọn ooru, mọ́ pátákó Arduino Uno. Kò ní pẹ́ tí ojú kọ̀ǹpútà á fi sọ 37.1, á sọ 37.6, á tún padà sí 37.1, bẹ́ẹ̀ ooru inú àpótí kò yí padà rárá.

LM35 ń gbé mílífóltì 10 jáde fún dígírì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 375 ló ń jáde níbí. Arduino ní láti sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ó pín fóltì 5 sí ìpele 1,024 bí àtẹ̀gùn ilé, ìpele kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílífóltì 5, ìyẹn ìdajì dígírì. Mílífóltì 375 bọ́ sẹ́bàá ààlà ìpele 76 àti 77. Bí iná bá gbọ̀n díẹ̀ péré, nọ́ńbà á fò.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n mú àtẹ̀gùn náà kéré. Àṣẹ `analogReference(INTERNAL)` máa ń mú kó jẹ́ fóltì 1.1 ni Arduino ń pín. Ìpele kan á wá di ìdámẹ́wàá dígírì. Nọ́ńbà á sún mọ́ 349, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì iná á wá hàn kedere: 346, 351, 348.

Ibí ni kíkà lọ́pọ̀ ìgbà, ká ro ó pọ̀, ká sì pín in, ti wúlò. Èyí tó ṣìnà sókè á máa pa èyí tó ṣìnà sísàlẹ̀ rẹ́. Kíkà 16 á dín ìgbọ̀nrìrì kù sí ìdámẹ́rin; kó tó dín kù sí ìdámẹ́jọ, ó di 64. Èrè náà kì í yá.

Gbogbo èyí dá lórí pé ìṣìnà náà kò ní ìlànà kankan. Iná ìlú ní ìlànà tirẹ̀: ní Nàìjíríà, ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà gígùn tó wà nítòsí rẹ̀ á sì máa gbà á sára. Kíkà 16 tí wọ́n tò tẹ̀ léra kò tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo wọn lè bọ́ sórí ìgbà tí iná náà lọ sókè. Ó dára kí wọ́n tẹ́ kíkà 20 sórí ìyípo kan odidi, ìyẹn ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún:

```
long apapo = 0;
for (int i = 0; i < 20; i++) {
  apapo += analogRead(A0);
  delayMicroseconds(888);
}
float iye = apapo / 20.0;
```

Wọ́n kọ `20.0` kí ẹ̀yìn ààmì ìdá má baà sọnù.

Kò sí iye kíkà tó lè tún ìwọ̀n tó ti wọ́ láti ìpìlẹ̀ ṣe. Fóltì 1.1 yẹn lè jẹ́ 1.0, ó lè jẹ́ 1.2, bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bá ṣe jáde ní ilé iṣẹ́. Bó bá jẹ́ 1.05, ojú kọ̀ǹpútà á sọ 39.3, nọ́ńbà náà kò sì ní mì rárá. Kí wọ́n fi mítà wọn ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ AREF sí nígbà tí àṣẹ `INTERNAL` ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fi iye tí mítà bá sọ rọ́pò 1.1 nínú ìṣirò.