Wọ́n Yapa, Wọ́n Tún Pàdé: Ìrìn Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Nínú Pápá Òòfà

Àwọn tó gbọ́njú nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì ní ẹ̀yìn gbọọrọ á rántí gíláàsì ńlá tó wà nínú rẹ̀. Ní ìdí gíláàsì náà ni irin kékeré kan wà tí iná ń mú gbóná. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń tú jáde, tí wọ́n á sáré la òfìfo inú gíláàsì kọjá títí wọn á fi gbá ojú rẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì gbá á tàn.

Nínú yàrá ìdánwò físíìsì, wọ́n máa ń ti kékeré irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ bọ inú páìpù gígùn kan tí wọ́n ti wé wáyà bàbà mọ́ lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí wọ́n tó tan iná sí wáyà náà, ìlà tààrà kan ló ń hàn lójú gíláàsì, nítorí pé irin pẹlẹbẹ méjì tó wà nínú rẹ̀ ń ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sókè sódò bí wọ́n ti ń kọjá. Bí iná bá ti ń wọ wáyà díẹ̀díẹ̀, ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kúrò ní ìdúró rẹ̀, á sì máa kúrú. Nígbà tó bá yá, gbogbo rẹ̀ á kó jọ sójú kan, á di ẹyọ àmì kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ kedere.

Kò sí ẹni tó dín agbára irin méjèèjì kù. Bí wọ́n ṣe ń tú àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ká tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń tú wọn ká. Kí ló wá kó wọn jọ?

Iná tó ń gba inú wáyà kọjá ti sọ inú páìpù náà di pápá òòfà tó dọ́gba níbi gbogbo, tó sì kọjú láti ẹnu páìpù kan lọ sí ìkejì. Òòfà kì í fọwọ́ kan ohun tó ní iná lára bí ohun náà bá dúró jẹ́ẹ́. Kì í sì í fọwọ́ kàn án bí ó bá ń rìn tẹ̀lé ojú pápá gan-an. Ìgbà tó bá ń rìn dábùú pápá ni òòfà máa ń tì í, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló sì máa ń tì í sí. Ìdí nìyí tí kò fi lè fi kún eré rẹ̀, tí kò sì lè dín in kù. Ọ̀nà tó ń gbà nìkan ló lè yí.

Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá wá wọ pápá yìí láìkọjú sí i tààrà, ìrìn méjì ló ń rìn pọ̀. Apá ìrìn rẹ̀ tó dábùú pápá á máa yípo, nítorí pé òòfà kò yé tì í sí ẹ̀gbẹ́. Apá tó tẹ̀lé pápá kò rí ohun tó dí i lọ́wọ́, nítorí náà á máa lọ síwájú ní ìyára kan náà. Ó ń yípo, ó sì ń lọ: bí ìtàkùn iṣu ṣe ń wé gun ọ̀pá ni ipa ọ̀nà rẹ̀ rí. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀pá tirẹ̀. Ìlà àárín gíláàsì, níbi tí gbogbo wọn ti gbéra, wà létí òbìrìkìtì olúkúlùkù, kò sí láàárín rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù ni àkókò. Èyí tí wọ́n tì púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ á pa òbìrìkìtì ńlá, èyí tí wọ́n tì díẹ̀ á pa kékeré. Ṣùgbọ́n bí òbìrìkìtì ti èkíní ṣe tóbi tó ju ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eré rẹ̀ lórí òbìrìkìtì náà ṣe ju tirẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì á parí yíyípo kan ní ìṣẹ́jú kan náà. Ìṣirò rẹ̀ ni

T = 2πm/(qB)

níbi tí T ti jẹ́ àkókò yíyípo kan, tí m jẹ́ ìwọ̀n ohun tó ń rìn, tí q jẹ́ iye iná ara rẹ̀, tí B sì jẹ́ agbára òòfà. Ẹ wò ó dáadáa: ìyára kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Fóòtì 1,000 ló ta àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù síwájú, èyí tó fún wọn ní ìyára bíi 18,760 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà tó wé mọ́ páìpù jẹ́ ìwé 2,000 ní mítà kan. Bí iná áńpíà 2 bá gba inú rẹ̀ kọjá, agbára òòfà inú páìpù á tó nǹkan bíi tẹ́sílà 0.005. Yíyípo kan á gba ìdá 7.1 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín àkókò yẹn, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síwájú tààrà á ti rin sẹ̀ntímítà 13.4.

Èyí tó bá fi dígírì 5 yà kúrò lójú ọ̀nà á kúrò lórí ìlà àárín, á jìnnà sí i tó mìlímítà 3.7, lẹ́yìn náà á padà wá fọwọ́ kan ìlà náà. Ibi tó ti padà kò fi ju ààbọ̀ mìlímítà lọ jìnnà sí ibi tí àwọn yòókù padà sí. Bí ojú gíláàsì bá wà ní sẹ̀ntímítà 13.4, ibẹ̀ ni gbogbo wọn á ti pàdé. Ṣùgbọ́n èyí tó bá fi dígírì 30 yà á padà sórí ìlà ní sẹ̀ntímítà 11.6, tipẹ́tipẹ́ kó tó dé ojú gíláàsì, nítorí pé púpọ̀ nínú eré rẹ̀ ti bá ẹ̀gbẹ́ lọ. Àwọn tí ìyapa wọn kéré nìkan ni ìpàdé yìí mọ́ fún.

Hans Busch, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, rí i pé ìpàdé yìí lè ṣe iṣẹ́ òṣùwọ̀n. Láti 1897 ni J. J. Thomson ti wọn iye iná ara ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ìwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ní 1922, Busch lo ìrìn wíwé yìí. Bí a bá mọ fóòtì, tí a mọ agbára òòfà, tí a sì mọ bí ibi ìpàdé ṣe jìn tó, ohun tó kù ni

e/m = 8π²V/(B²l²)

Ẹ fi iye tiwa sí i: fóòtì 1,000, tẹ́sílà 0.005, mítà 0.134. Èsì rẹ̀ jẹ́ 1.76 × 10¹¹ kúlọ́ọ̀mù fún kìlógíráàmù kan, iye tí àwọn ìwé físíìsì ń tẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ àwọn ibi tí ó ti ń bàjẹ́. Agbára òòfà kò dọ́gba ní ẹnu páìpù. Ní ẹnu gan-an, kò tó ju ìdajì ti àárín lọ. Nítorí náà páìpù gbọ́dọ̀ gùn dáadáa ju gíláàsì lọ. Àárín irin pẹlẹbẹ méjèèjì ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn l, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yapa. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ náà ní òòfà. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó tó nǹkan bíi tẹ́sílà 0.00003, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja sí àríwá. Bí páìpù bá kọjú sí àríwá, òòfà ilẹ̀ á fi díẹ̀ kún tirẹ̀ tàbí kó yọ díẹ̀ kúrò. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí wọ́n ka áńpíà, kí wọ́n yí iná padà sí òdìkejì, kí wọ́n tún kà á, kí wọ́n sì mú àárín méjèèjì.

Àmì kan sì wà tí a fi ń mọ̀ bóyá àmì tó mọ́lẹ̀ yẹn ni ìpàdé àkọ́kọ́ lóòótọ́. Ẹ sọ áńpíà di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá tún kó jọ sójú kan, a jẹ́ pé yíyípo méjì ni wọ́n ń ṣe báyìí kí wọ́n tó dé ojú gíláàsì. Bí wọ́n bá kó jọ nígbà tí áńpíà jẹ́ ìdajì tàkọ́kọ́, a jẹ́ pé ẹni tó ń wọn ti fo ìpàdé àkọ́kọ́ kọjá.

Pápá òòfà tó dọ́gba lè kó àwọn tó yapa jọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ àwòrán di ńlá: bí ohun náà ṣe tóbi tó níbi tí wọ́n ti gbéra ló ṣe máa tóbi tó níbi tí wọ́n ti pàdé. Ní 1926, Busch fi ìṣirò hàn pé páìpù kúkúrú, tí pápá rẹ̀ kò dọ́gba, á ṣe iṣẹ́ tí gíláàsì awò ń ṣe fún ìmọ́lẹ̀. Max Knoll àti Ernst Ruska mú ìṣirò yẹn lò ní Berlin, ní 1931 wọ́n sì kọ́ awò àkọ́kọ́ tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ ohun kékeré di ńlá. Ruska gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1986. Busch ti kú ní 1973.