Nígbà tí ojú kò lè mọ ayédèrú oògùn mọ́

Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà ní Èkó pa, ó sì ti ti Onítshà àti ti Àbá pẹ̀lú, nítorí ayédèrú oògùn. Ó kan àwa tí a wà l'Ádó-Èkìtì, torí ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń rà nílé ti ń bọ̀, páálí nìkan ni a sì máa ń wò kí a tó sanwó.

Páálí gan-an ni ẹni tó ń ṣe ayédèrú náwó lé lórí. Nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́: yíǹkì lásán ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dára sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí atẹ́súnéètì, oògùn ibà tí ilé-iṣẹ́ Guilin ń ṣe ní Ṣáínà, fi èyí hàn. Ilé-iṣẹ́ náà lẹ àmì dídán tó ń yí àwọ̀ padà mọ́ páálí rẹ̀ kí aráàlú lè dá ojúlówó mọ̀. Láìpẹ́, àwọn oníjìbìtì ṣe àmì tiwọn, wọ́n ń tún un ṣe títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojúlówó dọ́gba. Nínú oògùn 104 tí àwọn olùwádìí rà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Éṣíà, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní atẹ́súnéètì rárá. Àbájáde náà jáde ní 2001.

Ìdí nìyí tí NAFDAC fi gbé ètò àyẹ̀wò orí fóònù kalẹ̀ ní 2010. Ẹni tó ra oògùn yóò ha ojú ibi tí wọ́n bò lára páálí, yóò fi nọ́ńbà tó bá níbẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èsì yóò sì wọlé. Nọ́ńbà kan, páálí kan ni, nítorí náà bí ẹnìkan bá ti lò ó rí, èsì yóò sọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oògùn ló ní in, páálí nìkan ló sì ń jẹ́rìí fún: bí wọ́n bá pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, fóònù kò lè mọ̀.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á lọ oògùn kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi kẹ́míkà, wọ́n á kán an sórí àwo pẹlẹbẹ kan, wọ́n á sì kán ojúlówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omi mìíràn bá ń fà gòkè lára àwo náà, ó yẹ kí àmì méjèèjì dúró ní ipele kan náà. Bí ti oògùn tí wọ́n ń yẹ̀ wò bá ṣá ju ti ojúlówó lọ, oògùn inú rẹ̀ kò tó. Pípé oògùn ṣe pàtàkì, torí àwọn kan ní Éṣíà fi atẹ́súnéètì díẹ̀ kún ayédèrú wọn kí àyẹ̀wò aláwọ̀ kíákíá má baà mú wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè wo ibà sàn.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí a kọjá ojú àti fóònù? Bí èsì fóònù bá kọ oògùn náà, bí a bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù tó forúkọ sílẹ̀, tàbí bí ara kò bá yá lẹ́yìn tí a ti lò ó bó ṣe yẹ. Ilé ìwòsàn ni kí aláìsàn kọ́kọ́ lọ. Kí ẹnìkan sì gbé oògùn tó kù, páálí àti rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà l'Ádó. A kò gbọ́dọ̀ jù wọ́n nù, torí oògùn tó kù ni wọn yóò yẹ̀ wò, nọ́ńbà ara páálí ni wọn yóò sì fi tọpa ẹni tó tà á.