Ẹ̀rọ Amérédúró Ọkọ̀ àti Òkè Ojú Ọ̀nà: Àpẹẹrẹ Ìṣirò Kan

Ẹ̀rọ amérédúró, tí àwọn awakọ̀ mọ̀ sí kúrúùsì kọ́ńtírólù, ni ó ń mú kí ọkọ̀ máa sá eré tí awakọ̀ yàn fún un láìjẹ́ pé awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ tọ́tùlù. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn ní ojú ọ̀nà títẹ́jú. Òkè ni ó ń dán an wò. Àpẹẹrẹ yìí fi ìdí rẹ̀ hàn tí ẹ̀rọ tí ó ń wo àlàfo ìsinsìnyí nìkan kò fi lè borí òkè pátápátá, àti bí kíkó àwọn àlàfo àtẹ̀yìnwá jọ ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Àwòṣe ọkọ̀

Ọkọ̀ inú àpẹẹrẹ yìí wọn kílógíráàmù 1000. Gẹ́gẹ́ bí òfin kejì ti Níútìn, àpapọ̀ ipá tí ó wà lára ọkọ̀ ni ó ń pinnu bí eré rẹ̀ yóò ṣe yí padà:

```
m dv/dt = u - b v - d
d = m g sin(θ)
```

Nínú ìlà yìí, v ni eré ọkọ̀, u sì ni ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń tì í síwájú. bv ni ipá tí atẹ́gùn àti ojú ọ̀nà fi ń fà á sẹ́yìn, d sì ni ipá tí òkè fi ń fà á. b jẹ́ 50. Ní òtítọ́, ipá atẹ́gùn kì í pọ̀ ní ìlà gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àyíká eré tí a yàn nìkan ni àwòṣe yìí ti ṣe é gbára lé.

Eré tí awakọ̀ yàn, r, jẹ́ mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó jẹ́ kìlómítà 72 ní wákàtí kan. Ní ọ̀nà títẹ́jú, ẹ́ńjìnnì nílò ipá Níútìn 1000 (50 × 20) láti mú eré náà dúró. Lójijì, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní mítà 5 nínú mítà 100. Ipá òkè náà jẹ́ 1000 × 9.8 × 0.05, èyíinì ni Níútìn 490.

Bí a bá wo àlàfo ìsinsìnyí nìkan

Àlàfo, e, ni r − v. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ fi kp × e kún Níútìn 1000 ti ilẹ̀ títẹ́jú. Bí kp bá jẹ́ 650, eré yóò lọ sílẹ̀ títí tí àlàfo yóò fi tó 490 ÷ (650 + 50), tí ó jẹ́ mítà 0.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí, ní nǹkan bíi kìlómítà 69.5 ní wákàtí kan, níwọ̀n ìgbà tí òkè kò bá tíì tán. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àlàfo bá di òfo, ipá àfikún náà di òfo, kò sì sí ohun tí yóò ko òkè lójú mọ́. Àlàfo gan-an ni ẹ̀rọ fi ń ra ipá.

Àkójọ àlàfo

Àtúnṣe rẹ̀ ni láti fi àkójọ gbogbo àlàfo láti ìbẹ̀rẹ̀ kún un:

```
u = 1000 + kp e + ki ∫ e dt
```

Níwọ̀n ìgbà tí àlàfo bá wà, àkójọ ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí àlàfo bá tán nìkan ni ó ń dúró, kò sì ní sọ ohun tí ó ti kó jọ nù. Láti yan ki, a ó wo ìlà yìí, tí ó ń ṣàpèjúwe bí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe ń ṣe pọ̀:

```
m s² + (b + kp) s + ki = 0
```

Kí eré lè padà kíákíá láìmì síwá-sẹ́yìn, gbòǹgbò méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Pẹ̀lú kp 650, èyí fúnni ní ki = 122.5, gbòǹgbò méjèèjì sì jẹ́ −0.35. Nígbà tí ọkọ̀ bá kan òkè, àlàfo yóò jẹ́:

```
e(t) = 0.49 t exp(-0.35 t)
```

Ó ga jù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2.9, níbi tí ó ti tó mítà 0.52 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ó bá fi di ìṣẹ́jú àáyá 15, ó ti kù sí 0.04 péré. Ní ìkẹyìn, àkójọ nìkan ni ó ń gbé Níútìn 490 ti òkè. 490 ÷ 122.5 jẹ́ 4: mítà 4 péré ni ọkọ̀ náà fi rẹ̀yìn sí ọkọ̀ tí eré rẹ̀ kò yẹ̀ rárá.

Bí ki bá kéré jù, eré yóò máa fà kí ó tó padà. Bí ó bá pọ̀ jù, fún àpẹẹrẹ 1225, eré yóò kọjá 20, yóò tún já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa mì kí ó tó dúró.

Ibi tí àkójọ ti ń ṣini lọ́nà

Bí òkè bá jẹ́ mítà 12 nínú mítà 100, ipá tí a nílò di Níútìn 2176. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá lè ju 2000 lọ, àlàfo kò ní tán, àkójọ yóò sì máa ga lásán: àlàfo mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń fi Níútìn 245 kún un ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àmì rẹ̀ máa ń hàn lẹ́yìn òkè: ọkọ̀ á kọjá eré tí a yàn, tọ́tùlù rẹ̀ á sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ títí àkójọ náà yóò fi ṣófo. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ dá àkójọ dúró nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dé òpin agbára rẹ̀.